Ìsàlẹ̀ Ni Ká Ti Bẹ̀rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Ka Táìmùtébù Ọkọ̀ Tí Àmì Kún Orí Rẹ̀

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni mo jókòó sí èbúté kan létí ọ̀sà, tí mò ń retí ọkọ̀ ojú omi aago mẹ́rin ààbọ̀. Fọ́tò táìmùtébù tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wáásáàpù ni mo gbójú lé. 16:30 hàn gedegbe níbẹ̀, ìràwọ̀ kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mo kà sí ẹ̀ṣọ́. Aago márùn-ún lu, ọkọ̀ ò dé. Mo bá lọ béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó mú mi dé iwájú pátákó ara ògiri, ó fi ìka lé ìràwọ̀ náà, ó wá fa ìka wálẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí ní lẹ́tà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́: "Ajé sí Ẹtì nìkan." Ẹni tó ya fọ́tò náà ti gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù kí àwọn wákàtí lè hàn dáadáa.

Láti ọjọ́ náà, ìsàlẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wákàtí tó wà láàárín táìmùtébù kò tíì di ìlérí títí ẹ ó fi mọ ohun tí ìsàlẹ̀ sọ nípa rẹ̀. Tí fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín kò bá ní ìsàlẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó fi ránṣẹ́, kí ó tún un yà. Kí ó ya òkè rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òkè ni wọ́n máa ń kọ déètì tí táìmùtébù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ sí, àti ọjọ́ tí ó máa parí tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n. Táìmùtébù tí kò ní déètì lè jẹ́ ti ọdún tó kọjá.

Àpẹẹrẹ tí a ó fi ṣiṣẹ́

Mo fọwọ́ ara mi ṣe táìmùtébù kékeré kan fún ẹ̀kọ́ yìí. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ni mo fi ṣe é, èyí tí wọ́n ṣí ní 10 oṣù kẹfà ọdún 2021, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 157. Àwọn ibùdókọ̀ náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo dá àwọn wákàtí àti nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹ má gbé e lọ sí ìdíkọ̀ Mọbọ́lájí Johnson ní Èbúté Mẹ́ta láti fi bá ẹnikẹ́ni jà.

Èkó sí Ìbàdàn. Ajé sí Àbámẹ́ta, yàtọ̀ sí ọjọ́ ọlidé, àfi níbi tí àmì bá ti sọ nǹkan mìíràn.

| Ọkọ̀ | 1 | 3 † | 5 A | 7 B |
|---|---|---|---|---|
| Èbúté Mẹ́ta, gbéra | 07:00 | 08:30 | 13:10 | 16:00 |
| Agége, gbéra | 07:25 u | 08:55 u | ↓ | 16:25 u |
| Abẹ́òkúta, dé | 08:35 | 10:05 | 14:15 | 17:35 |
| Móníyà, dé | 09:50 | 11:20 | 15:30 | 18:50 |

† Ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ọlidé nìkan.
A Ọjọ́ Ẹtì nìkan, yàtọ̀ sí ọjọ́ ọlidé.
B Ojoojúmọ́ àti ọjọ́ ọlidé, yàtọ̀ sí Àbámẹ́ta.
u Wíwọlé nìkan, kò sí sísọ̀kalẹ̀.
↓ Ọkọ̀ ń kọjá, kò dúró.

Òpó kọ̀ọ̀kan tó dúró lóròó jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ òpó, ẹ̀ ń bá ọkọ̀ yẹn rìn láti ìdíkọ̀ dé ìdíkọ̀. Ìlà tó sùn jẹ́ ìdíkọ̀ kan, ó sì ń fi gbogbo ọkọ̀ tó kan ìdíkọ̀ náà hàn. Bí wákàtí bá ti lé ní 12, ẹ yọ 12 kúrò nínú rẹ̀: 16:00 jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, 18:50 sì jẹ́ aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá alẹ́. Ẹ tún wo bóyá "gbéra" ni wọ́n kọ síwájú ìlà tàbí "dé". Ní ìdíkọ̀ ńlá, ọkọ̀ lè dé kí ó sì dúró díẹ̀ kó tó gbéra, kí ìlà méjì sì wà fún ìdíkọ̀ kan náà. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀ ló ni "gbéra", ẹni tó ń lọ pàdé àlejò ló ni "dé".

Ibi tí àmì dúró sí ló ń sọ iṣẹ́ tó ń ṣe

Ohun tí àwọn èèyàn kì í sábà fiyè sí nìyí, nítorí náà n ó dúró lé e lórí díẹ̀. Àmì kan náà lè ní agbára ńlá tàbí kékeré, ó kù sí ibi tí wọ́n fi sí.

Tí àmì bá wà lórí òpó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ọkọ̀, gbogbo ìrìnàjò ọkọ̀ yẹn ló ń bá wí. Ẹ wo † tó wà lórí ọkọ̀ 3. Kò sí ìdíkọ̀ kankan tí ọkọ̀ 3 máa kàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lásán, nítorí ọkọ̀ náà kò ní gbéra rárá.

Tí àmì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wákàtí kan, ìdíkọ̀ kan ṣoṣo ló kàn. Ẹ wo u tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 07:25 ní Agége. Kò ní kí ọkọ̀ 1 má rìn, kò sì ní kí ó má dúró. Ohun tó sọ ni pé èrò lè wọlé ní Agége, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọlé ní Èbúté Mẹ́ta kò lè sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tó ni ọkọ̀ kò fẹ́ kí ẹni tí kò rìn ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ gba àyè ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tó ń ti Yábàá lọ sí Agége kò ní ohunkóhun í ṣe nínú táìmùtébù yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Agége wà níbẹ̀ gbàǹgbà. Rẹ́ẹ̀dì Láìnì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024 láàárín Àgbádó àti Oyíńgbò, ni kí ó lọ wọ̀.

Tí àmì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìdíkọ̀, gbogbo ọkọ̀ tó bá kan ibẹ̀ ló bá wí. Kò sí irú rẹ̀ nínú àpẹẹrẹ wa, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i níbi tí wọ́n bá ń tún ìdíkọ̀ kan ṣe.

Èyí tó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ tó wà lókè gbogbo táìmùtébù, tí àwọn èèyàn ń kà bí ẹni ń ka àkọlé lásán. "Ajé sí Àbámẹ́ta, yàtọ̀ sí ọjọ́ ọlidé" ni òfin fún gbogbo òpó tí kò ní àmì. Ọkọ̀ 1 kò ní àmì kankan lórí. Ọ̀pọ̀ ló máa rò pé ojoojúmọ́ ló ń rìn nítorí pé kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́. Rárá o. Òfin òkè ló ń darí rẹ̀: kì í rìn lọ́jọ́ Àìkú, kì í sì í rìn lọ́jọ́ ọlidé. Òpó tó bá ní àmì ti gba òfin tirẹ̀, ti òkè kò sì dè é mọ́.

Ó ku ibi tí kò sí wákàtí. Ọfà tó kọjú sísàlẹ̀ ní Agége fún ọkọ̀ 5 sọ pé ọkọ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá láìdúró. Àwọn mìíràn máa ń fa ìlà tó dúró lóròó dípò ọfà, àwọn kan máa ń fi àmì tóótòòtó, àwọn kan sì máa ń fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Àyè òfìfo ló ń kó mi láyà sókè jù, nítorí ojú lè fò láti orí ìlà kan sórí òmíràn, kí ẹ wá ka wákàtí Abẹ́òkúta bíi pé ti Agége ni. Ẹ fi etí bébà tàbí rúlà tẹ́ ìlà náà kí ẹ tó kà á.

Ọjọ́ wo gan-an ni ọjọ́ tí ẹ fẹ́ rìn?

Kí ẹ tó wá ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ fún ọjọ́ yín ní orúkọ tí táìmùtébù mọ̀ ọ́n sí. Ó lè jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, Àbámẹ́ta, Àìkú, tàbí ọlidé. Ọlidé máa ń gba ipò lọ́wọ́ ọjọ́ tó bá bọ́ sí. Ọjọ́ Ajé tó jẹ́ ọlidé kì í ṣe ọjọ́ Ajé mọ́ lójú àwọn tó ń ṣètò ọkọ̀, bí ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sábà máa ń lò ó. Ìdí nìyẹn tí † fi kó Àìkú àti ọlidé pọ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún "ọjọ́ iṣẹ́". Fún òṣìṣẹ́ báǹkì ní Màrínà, Ajé sí Ẹtì ni. Fún oníṣòwò Ìdúmọ̀tà, Àbámẹ́ta wà nínú rẹ̀ dáadáa. Táìmùtébù náà kì í bára mu lórí èyí. Nílẹ̀ Jámánì, àmì òòlù méjì tó dábùú ara wọn dúró fún ọjọ́ iṣẹ́, Àbámẹ́ta sì wà nínú rẹ̀: Ajé sí Àbámẹ́ta ni, yàtọ̀ sí ọlidé. Ẹni tó bá ní ọmọ níbẹ̀ kó sọ fún un. Wọ́n tún máa ń lo nọ́ńbà inú òbìrìkìtì káàkiri Yúróòpù: ① ni Ajé, ⑦ sì ni Àìkú. Ẹni tó bá fi ti ṣọ́ọ̀ṣì ka Àìkú sí ọjọ́ kìn-ín-ní máa ṣi ọkọ̀ wọ̀.

Tí àlàyé kan bá ní "nìkan" tí ó tún ní "yàtọ̀ sí", "yàtọ̀ sí" ló ń borí. "Ọjọ́ Ẹtì nìkan, yàtọ̀ sí ọjọ́ ọlidé": ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá Ẹtì ni. Bí bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wá béèrè bóyá ọlidé ni. Bí ó bá jẹ́ ọlidé, ọ̀rọ̀ parí, ọkọ̀ kò sí.

Ìkómọ ní Abẹ́òkúta lọ́dún Àjíǹde

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e dé ibi tó le. Ìyàwó àbúrò yín bímọ ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú ọdún Àjíǹde. Ìkómọ jẹ́ ọjọ́ kẹjọ, a sì máa ń ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn, nítorí náà ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni. Ẹ̀yin àti Màmá ń gbé ní Yábàá, Bọ̀ọ̀dá yín ń gbé ní Agége.

Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ọjọ́ mẹ́rin sílẹ̀, kí ẹ sì kọ irú ọjọ́ tí kálukú jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹtì Rere: ọlidé. Àbámẹ́ta: Àbámẹ́ta lásán, nítorí ìjọba àpapọ̀ kì í ka ti Àjíǹde mọ́ ọlidé. Àìkú: Àìkú. Ajé: ọlidé. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó wo wákàtí.

Màmá fẹ́ lọ lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n lè tètè wẹ ọmọ. Wọ́n ti rí ọkọ̀ 5, "ọjọ́ Ẹtì", aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, inú wọn sì dùn. Ẹ rọra sọ fún wọn pé ọlidé ni Ẹtì yìí, àmì A sì yọ ọlidé kúrò. Ọkọ̀ 1 kò sí, òfin òkè yọ ọ́. Ọkọ̀ 3 wà nítorí †. Ọkọ̀ 7 wà nítorí B. Nítorí náà 08:30 tàbí 16:00 ni Màmá lè wọ̀.

Ẹ̀yin fẹ́ lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọkọ̀ 3 kò sí, kì í ṣe Àìkú tàbí ọlidé. Ọkọ̀ 5 kò sí, kì í ṣe Ẹtì. Ọkọ̀ 7 kò sí, B yọ Àbámẹ́ta gan-an kúrò. Ọkọ̀ 1 nìkan ló kù, aago méje àárọ̀. Òpó mẹ́rin ló wà níwájú yín lórí bébà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ ní lọ́jọ́ yẹn. Tí ẹ bá pẹ́ nílé, ó di 08:30 ọjọ́ Àìkú. Mo máa ń ka iye ọkọ̀ tó ṣẹ́kù báyìí kí n tó pinnu ìgbà tí n ó kúrò nílé. Ibi tí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá wà, n kì í fi ìrìn Yábàá sí Èbúté Mẹ́ta ṣeré.

Bọ̀ọ̀dá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni àwọn máa lọ, pé àwọn máa wọ ọkọ̀ ní Agége. Ọkọ̀ 1 tí ì bá gbé wọn dé lásìkò kò sí lọ́jọ́ ọlidé. Ọkọ̀ 3 wà, u kò sì dí wọn lọ́wọ́ nítorí wíwọlé ni wọ́n fẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n 10:05 ni ó máa dé Abẹ́òkúta, ìdíkọ̀ Wọlé Ṣóyínká sì wà ní Láderin. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ wọ ìlú, wọ́n á ti pe orúkọ ọmọ tán. Ọkọ̀ náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bá ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe mu, nítorí náà ọjọ́ Àìkú ni kí wọ́n lọ. Tí Màmá bá sì dábàá pé àwọn máa bọ́ sílẹ̀ ní Agége lọ́jọ́ Ẹtì láti mú Bọ̀ọ̀dá dání, ẹ rán wọn létí u.

Ó ku pípadà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Ká ní táìmùtébù ìpadàbọ̀ ní òfin òkè kan náà, tí ó sì ní ọkọ̀ mẹ́ta láti Abẹ́òkúta: ọkọ̀ 2 ní 11:00, tí kò ní àmì, ọkọ̀ 4 ní 17:20, "C, Ajé sí Ẹtì, yàtọ̀ sí ọlidé", àti ọkọ̀ 6 ní 18:40, "D, ọjọ́ Àìkú, tí ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e bá jẹ́ ọlidé, kò ní rìn ní Àìkú yẹn, ọjọ́ Ajé ni yóò rìn." Ọkọ̀ 2 àti 4 ti bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ 6 ni ẹni tó bá sáré kà máa fò, nítorí "ọjọ́ Àìkú" ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bà. Ṣùgbọ́n ẹ ka gbólóhùn náà dé òpin. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ mọ̀ pé nígbà tí Ajé bá jẹ́ ọlidé, ìrọ̀lẹ́ Ajé ni èrò máa ń ya padà sí Èkó, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ Àìkú. Wọ́n wá sún ọkọ̀ náà síwájú ọjọ́ kan. Ẹ̀yin ni 18:40 náà wà fún. Ẹni tó bá sì fẹ́ sáré padà ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú máa bá ìdíkọ̀ lófìfo.

Ọlidé tí bébà kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀

Kérésì àti 1 oṣù kẹwàá ní déètì tí kì í yí. Bí 1 oṣù kẹwàá bá bọ́ sí Àìkú, ìjọba lè fún àwọn èèyàn ní ọjọ́ Ajé. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní 2023, nígbà tí 2 oṣù kẹwàá di ọlidé. Irú ọjọ́ Ajé bẹ́ẹ̀ gba † tirẹ̀, Àìkú náà sì wà lábẹ́ † tẹ́lẹ̀, nítorí náà ọjọ́ méjèèjì ni ẹ ó fi † kà.

Ìtúnu Ààwẹ̀, Iléyá àti Mọ́lúdì ló máa ń da èèyàn láàmú, nítorí oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Táìmùtébù tí wọ́n tẹ̀ lóṣù kìn-ín-ní kò lè mọ ọjọ́ tí wọ́n máa rí oṣù. Mínísítà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ abẹ́lé ló máa ń kéde ọlidé, ó sì lè kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kí ọjọ́ náà pé, ìkéde lè tún fi ọjọ́ kan kún un. Ẹni tó ti já tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ 1 fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ka òpó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ìkéde. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń yan ọkọ̀ tó ń rìn bóyá ọlidé ni o, bóyá kì í ṣe ọlidé. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọkọ̀ 7 ni. Bí wọ́n bá kéde, bí wọn ò kéde, yóò rìn, tí kì í bá ti ṣe Àbámẹ́ta.

Ọlidé tún wà tí ìpínlẹ̀ nìkan ń yà sọ́tọ̀, bíi ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní 20 oṣù kẹjọ tí àwọn ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá máa ń fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Níbẹ̀, ẹ wo ẹni tó ni ọkọ̀. Bùlúù Láìnì, tó ń gbé èrò láàárín Màrínà àti Máìlì Túù láti 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àti Rẹ́ẹ̀dì Láìnì jẹ́ ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó. Ojú irin Ìbàdàn jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Tí àlàyé ìsàlẹ̀ bá kàn kọ "ọlidé" láìsọ ti ta ni, ẹ béèrè lójú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ béèrè: "Ṣé ọkọ̀ 1 máa rìn lọ́la?" Ẹni tó bá béèrè pé "Ṣé ọkọ̀ wà lọ́la?" máa gbọ́ "Ó wà," ó sì lè jẹ́ ti 16:00 ni wọ́n ń sọ.